Ẹ̀rí ẹnu àti ìgò àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru: kí ló mú kí nọ́ńbà Bàbá wálẹ̀?

Bàbá gbé ìgò náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Láílọ́ọ̀nù dúdú ló wé e, ó sì ti mu ún dé ìdajì. Omi inú rẹ̀ dúdú bí aró, òórùn ata ilẹ̀ àti egbò igi sì gba gbogbo yàrá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Adó-Èkìtì níbí.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ò wá gba oògùn yín lóṣù tó kọjá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, mo ti bọ́. Mi ò lo hóró yín mọ́. Èyí ti wò mí.”

Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó gbé 182 lórí 106 jáde. Mo dúró díẹ̀, mo tún un wọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Bàbá wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́.

Mi ò bá a jà, torí Bàbá kò purọ́. Ó rí nọ́ńbà tó wálẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí nọ́ńbà ṣe lè wálẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ̀rí tí ènìyàn jẹ́ sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ àgbo ló ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyí. Ní ọjọ́ Ajé kan, Bàbá gbé iṣu méjì láti ọjà, ó ń rìn lọ sí gáréèjì. Àwọn kan pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbohùngbohùn ń pariwo pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ó tò sórí ìlà nínú oòrùn. Nígbà tó kàn án, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lórí apá aṣọ rẹ̀, ó ń bá ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sọ̀rọ̀, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ó gbé 174 lórí 102. Wọ́n ní tí kò bá mú ìgò yìí, rọpárọsẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó burú ju owó náà lọ: kí ó fi oògùn òyìnbó sílẹ̀, kí méjèèjì má baà jà nínú rẹ̀. Bàbá ti lo hóró amulodípíìnì rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kò lò ó mọ́ láti ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà lọ bí wọ́n ṣe ní kó wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àga onírọ̀rí ni wọ́n fún un lábẹ́ ibòji, wọ́n fún un lómi tútù, ó sinmi dáadáa. 148 lórí 90. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, Bàbá sì sọ tẹnu rẹ̀: “Ọjọ́ mẹ́ta péré! Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.” Fídíò yẹn ti wọ gbogbo Wásáàpù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti 174 sí 148, nọ́ńbà fi 26 wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó gbé e.

Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò dà bí gíga ènìyàn tí kì í yí padà láàárọ̀ sí alẹ́. Ó ń lọ sókè sódò ní gbogbo wákàtí. Ẹrù iṣu, oòrùn, ìrìn, ìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ sísọ, ìtọ̀ tí ènìyàn mú mọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tì í sókè. Apá tó rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọkàn náà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye tó ju òótọ́ lọ. Nǹkan wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sára Bàbá ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn. Kò pọn dandan pé àgọ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà wálẹ̀ kò nílò ju kó wọn àkọ́kọ́ ní ìwọ̀nkúwọ̀n, kó sì wọn èkejì bó ṣe yẹ.

Èkejì ni pé nọ́ńbà tó bá ga jù, ilẹ̀ ló sábà máa ń forí lé. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ibo ló tún kù fún un láti lọ bí kì í ṣe ìsàlẹ̀? Àwọn tí àgọ́ náà ta ìgò fún ni àwọn tí nọ́ńbà wọn ga lọ́jọ́ náà. Bí a bá tún irú àwọn bẹ́ẹ̀ wọ̀n lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, tí ẹnì kankan kò fún wọn ní nǹkan kan, nọ́ńbà ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti wálẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn dídùn, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé tó ń ro: ọjọ́ tó bá le jù ni ènìyàn ń sáré ra oògùn, ọjọ́ tó bá le jù kì í sì í pẹ́ kó tó rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn tó ń wo fídíò kì í mọ̀ rárá. Amulodípíìnì kì í tètè jáde lára. Lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn, ó máa ń gba bí ọjọ́ kan àbọ̀ sí ọjọ́ méjì kí iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dín sí ìdajì, á tún gba irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ìdajì yẹn tó pín sí méjì. Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, oògùn òyìnbó tí Bàbá fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ tán, àgbo gba ìyìn. Nígbà tó jáde tán, kò sí ẹni tó gbé fóònù sókè mọ́.

Ó tún ní òdìkejì rẹ̀. Hóró náà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó dé ibi agbára rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ hóró ní ọjọ́ kìíní, tí kò rí ìyàtọ̀, tó wá ra àgbo kún un ní ọjọ́ kẹwàá, á rí i tí nọ́ńbà ń wálẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá, á sì búra pé àgbo ni.

Ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, “ara mi ti yá” kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in kò mọ̀ ọ́n lára. Bàbá joko síwájú mi pẹ̀lú 182, ó ti jẹ uyán ní ọ̀sán (àwa Èkìtì kì í pè é ní iyán láàárín ara wa), ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí ara kò bá sọ fún un nígbà tó ga, báwo ni ara á ṣe sọ fún un nígbà tó bá wálẹ̀?

Ẹ máa wí pé ẹ̀rí ẹnì kan nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́rìí fún ìgò yìí lé ní ogún. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní mo bu omi, mo fi àwọ̀ sí i, mo fi ewúro díẹ̀ kún un kó lè korò, mo tà á fún ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Nítorí àwọn ìdí tí mo sọ lókè yìí, ká ní nọ́ńbà igba péré nínú wọn wálẹ̀ tó láti múnú wọn dùn. Nínú igba yẹn, ká ní ogójì pè mí láti dúpẹ́. Mo ti ní ogójì fídíò, gbogbo wọn ni ẹni tó ń sọ òótọ́, tó ń sunkún ayọ̀, tó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹgbẹ̀rin tó kù ńkọ́? Àwọn mìíràn nínú wọn rò pé àwọn kò mu ún pé. Àwọn mìíràn ra ìgò ti ẹlòmíì. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù kì í ṣe fídíò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sáré owó ilé ìwòsàn, wọn ò ráyè pe ẹni tó ta àgbo. Torí náà, iye àwọn tó jẹ́rìí kò sọ nǹkan kan fún wa àyàfi tí a bá mọ iye àwọn tó rà á. Èmi máa ń ní kí àwọn aláìsàn mi bi olùtajà léèrè pé: àwọn tó ra ìgò ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú mi, mélòó ni wọ́n, mélòó lẹ tún wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ewé ni mò ń bá jà. Igi kan wà tí gbogbo elewé ọmọ ní Ọjà Bísí mọ̀, asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ tu ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lójú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Igi kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní Íńdíà. Ní 1949, dókítà ará Íńdíà kan, Rustom Jal Vakil, kọ ìròyìn jáde lórí bí egbò igi tiwọn ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní résápíìnì. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní in nínú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé egbò igi lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ̀. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 1967. Wọ́n kó ọkùnrin 143 jọ, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn wà láàárín 115 sí 129, èyí tó ga gan-an. Wọ́n pín wọn bí ẹni ta kèké: 73 gba àpapọ̀ oògùn mẹ́ta tí résápíìnì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, 70 gba hóró tó jọ ọ́ lójú ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó ń lò ó kò mọ èyí tó kàn wọ́n, àwọn dókítà tó ń wò wọ́n náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, ènìyàn 27 ni ewu ńlá ti bá nínú àwọn tó ń lo hóró òfìfo. Nínú àwọn tó lo oògùn, 2 péré ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnikẹ́ni tó jẹ́rìí níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti Bàbá sí ọ̀nà òdì ni wọ́n ti dí ojú rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀? Á wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo òfìfo náà, ìyàtọ̀ tó bá kù láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ni a lè kà sí ti oògùn. Ìrètí àti ayọ̀? Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní in. Àwọn tí kò pe ẹnikẹ́ni láti dúpẹ́? Wọ́n wá wọn lọ, wọ́n kà wọ́n. Bí ẹni tó ń ta ìgò bá sọ pé “ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀,” ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tí kò mu ún ńkọ́, báwo ni tiwọn ṣe rí?

Ohun kejì tí résápíìnì kọ́ wa ni ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru lójúmọ́ kò ju 0.25 mílígíráàmù lọ, bí ẹni pín gíráàmù kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tó mú ìpín kan. Bó bá pọ̀ jù, oorun á máa kun ènìyàn, ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀, ìbànújẹ́ tí kò nídìí lè bò ó mọ́lẹ̀. Kò sì pọn dandan kí egbò tí wọ́n wà ní ìgbà òjò ní iye kan náà nínú pẹ̀lú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti inú igbó yìí pẹ̀lú ti ọ̀hún. Ìgò Bàbá kò sọ iye ohunkóhun. Wọ́n kọ “ewé àti egbò” sí i lára, wọ́n sì to àìsàn mọ́kànlá tó ń wò sábẹ́ rẹ̀, láti orí àtọ̀gbẹ dé jẹ̀díjẹ̀dí.

Bàbá fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà NAFDAC. “Ṣé ìjọba náà ń purọ́ ni?” Ìbéèrè tó dára ni. Mo ní kó ka lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà náà: L ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n kọ orúkọ ọjà náà sínú ìwé. Wọ́n wò ó bóyá kò ní pani lára, wọ́n wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kò sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbólóhùn kan máa ń wà lára irú ìgò bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sábà máa ń kéré débi pé ènìyàn á wọ jígí, tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ọjà náà ní òun ń ṣe wò. A wá a lára ìgò Bàbá títí, a rí i lábẹ́ ibi tí bébà ti lẹ̀ pọ̀. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí olùkọ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ọmọ ilé-ìwé. Nọ́ńbà náà sì lè jẹ́ ayédèrú pátápátá, torí náà ẹ wá orúkọ ọjà náà lórí greenbook.nafdac.gov.ng kí ẹ rí i bóyá òun gan-an ni.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bẹ̀rù ju omi aláwọ̀ lọ. Àgbo tó bá ṣiṣẹ́ kíákíá bíi hóró, ó lè jẹ́ pé hóró ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti mú irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀: ọjà tí wọ́n pè ní ewé lásán, tí wọ́n ti lọ oògùn òyìnbó mọ́. Nínú ìgò oríkèé ríro, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ẹni tó ń mu ún á máa yin ín, ojú rẹ̀ á sì máa wú roboto. Kò sí bí a ṣe lè tọ́ ọ wò lẹ́nu ká mọ̀, ilé àyẹ̀wò kẹ́míkà nìkan ló lè sọ.

Kí wá ni ènìyàn lè ṣe nílé? Ó lè mọ nọ́ńbà ara rẹ̀ ní òótọ́. Dókítà dá Bàbá padà sórí hóró rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an, a ò dúró de ìdánwò kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní kó yá ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ òkè apá, kí ó máa wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje. Láàárọ̀ kó tó jẹun, kó tó lo hóró, àti lálẹ́. Kó ti tọ̀ tán, kó má mu kọfí ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú, kó joko kó fara ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ibi tó bá ọkàn dọ́gba, aṣọ kúrò lápá, ẹnu ní pípa dé. Lẹ́ẹ̀mejì lójú kan, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó má ṣa èyí tó dára kọ.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Ọwọ́ ènìyàn kì í fẹ́ kọ nọ́ńbà burúkú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, a fagi lé ti ọjọ́ kìíní, torí ẹ̀rù ẹ̀rọ ṣì máa ń wà lára. Ó ku mẹ́rìnlélógún. A rò wọ́n pọ̀, a pín in: 134 lórí 82. Nílé, ibi tí a fẹ́ kó wà ni kó má dé 135 lórí 85. Ó wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà wọlé. Bí ẹ bá rí 180 lórí 120 sókè, tí orí ń fọ́, tí àyà ń dùn, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹ má wọn èkejì.

Bàbá pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, “Ọmọ mi, báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àgbo tó kù nínú mi ló ń ṣe é?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bá mi níbi tó dùn mí. Òótọ́ ni, ìtàn tèmi yìí náà, ẹ̀rí ẹnu ni. Nọ́ńbà ẹnì kan lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Kò lè sọ ohun tó gbé e wálẹ̀. Kì í ṣe Bàbá ló mú kí n gbà pé hóró ni, àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ti pín sọ́nà méjì lórí hóró yẹn ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó ní ìdáhùn náà gba máàkì méje nínú mẹ́wàá.

Ó lọ bá àwọn aládùúgbò tó ní fídíò rẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn kan pa á rẹ́. Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkọ̀lé fi í ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wo bàbá olùkọ́ tí Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu fún, kí n bá òun ra méjì.